Ọ̀nà Tó Gùn Jù Ló Ń Sọ Ọjọ́ Tí Ilé Yóò Parí

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń kọ́lé kì í yéé bi àwọn oníṣẹ́ rẹ̀: ìgbà wo la máa kó wọlé? Ìdáhùn tó ń gbà kì í ṣe ẹyọ kan. Bíríkìlà á sọ iye ọjọ́ tirẹ̀, káfíńtà á sọ tirẹ̀, ẹni tó ń ṣe fèrèsé á ní òun kò ní ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Onílé á wá jókòó, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù á sì bà á. Òmíràn á mú iṣẹ́ tó pẹ́ jù nínú wọn, á bu ìwọ̀nba ọjọ́ lé e, inú rẹ̀ á sì dùn. Ìṣirò méjèèjì ló ṣìnà. Àròpọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí káfíńtà lè wà lórí òrùlé lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri nísàlẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù náà ti kéré jù, nítorí kò sẹ́ni tó lè kan òrùlé mọ́ afẹ́fẹ́. Ògiri ní láti dúró ná.

Láàárín àṣìṣe méjì yìí ni ìlànà tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní kírítíkà páàtì wà. Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀ ni màá máa pè é. Ohun tó ń béèrè kò ṣòro láti sọ. Kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ilé náà sílẹ̀. Sọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Sọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró dè kó tó bẹ̀rẹ̀. Fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń dúró dè sọ́dọ̀ ẹni tó ń dúró. Bí o bá tọ àwọn ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wàá rí i pé ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni iye ọjọ́ tó kéré jù tí ilé náà lè gbà.

Gbólóhùn yẹn máa ń ta kókó sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Báwo ni èyí tó gùn jù ṣe di èyí tó kéré jù? Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n jáde nílé láàárọ̀, tí oníkálùkù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó, tí a sì ti pinnu pé a kò ní gbé oúnjẹ kalẹ̀ àfi bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń sọ ìgbà tí a óò jẹun. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù ni. Àwọn méjì yòókù lè sáré tàbí kí wọ́n rìn gbẹ̀rẹ́, àkókò oúnjẹ kò yí padà. Ilé náà rí bẹ́ẹ̀: a kò lè parí rẹ̀ kí ọ̀nà tó gùn jù tó dé, kò sì sí ìdí fún un láti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí gbogbo nǹkan bá lọ bí a ṣe kọ ọ́.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a mọ ìlànà yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1956 sí 1957, ilé iṣẹ́ DuPont, tó ń ṣe kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jẹ́ UNIVAC fi lè bá wọn ṣètò iṣẹ́ ìkọ́lé. Morgan Walker ti DuPont àti James Kelley, onímọ̀ ìṣirò láti ilé iṣẹ́ Remington Rand, ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe é. Wọ́n tún dán an wò lára iṣẹ́ àtúnṣe ilé iṣẹ́ kan ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ dúró kí wọ́n tó lè tún wọn ṣe. Wákàtí 125 ni ìdádúró náà ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó wálẹ̀ sí 93. Ní ọdún 1959 ni àwọn méjèèjì kéde iṣẹ́ wọn fún ayé. Láàárín àkókò kan náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń ṣe ìṣirò tó jọ ọ́ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì Polaris, wọ́n sì pe tiwọn ní PERT. Láti ọ̀dọ̀ àwọn yìí ni orúkọ kírítíkà páàtì ti wá; ẹ̀wọ̀n gbòógì ni orúkọ tí Kelley àti Walker ń pè é. Orúkọ tiwọn wù mí jù, nítorí ó jẹ́ kéèyàn rí bí iṣẹ́ kan ṣe so kọ́ èkejì.

Ẹni tó mú un wá sọ́wọ́ àwọn kọ́lékọ́lé gan-an ni John Fondahl, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford. Ní ọdún 1961 ó fi hàn pé a kò nílò kọ̀ǹpútà rárá: ìwé, pẹ́ńsù, àròpọ̀ àti ìyọkúrò tó. Ó fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú òbìrìkìtì kan, ó sì fi ìlà lásán so àwọn tó ń dúró de ara wọn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà bíi Microsoft Project ń lò títí dòní. Ọ̀nà ti Fondahl ni èmi náà fẹ́ gbà níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, irú èyí tí ẹbí máa ń kọ́ sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta: ìsàlẹ̀ kan, òkè kan, dẹ́kìn láàárín wọn, òrùlé páànù lórí. Iye ọjọ́ tí mo fẹ́ lò, èmi ni mo yàn wọ́n fún àpẹẹrẹ. Bí owó, ilẹ̀ àti oníṣẹ́ bá ṣe rí ni ti ilé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Gbogbo ọjọ́ ni mo ń kà, títí kan ọjọ́ ìsinmi, nítorí kọnkéré ń le lọ́jọ́ Àìkú bó ṣe ń le lọ́jọ́ Ajé. Bí a bá fi ọjọ́ iṣẹ́ ka ti bíríkìlà, tí a fi ọjọ́ lásán ka ti kọnkéré, a ó ti da ìṣirò náà rú kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ríro ilẹ̀ àti títa okùn gba ọjọ́ 4. Ìpìlẹ̀, láti wíwa ilẹ̀ títí dé jámáànì fúlọ́ọ̀, gba 18. Ògiri ìsàlẹ̀ gba 14. Dẹ́kìn, ìyẹn pákó, irin àti dída kọnkéré, gba 16. Títí dé ibí yìí kò sí àríyànjiyàn: ọ̀nà kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dúró de èyí tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 52 sì ti lọ.

Lórí dẹ́kìn ni ọ̀nà ti pín. Kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ń béèrè ìdúró méjì lọ́wọ́ wa. Àkọ́kọ́ kúrú: nínú àpẹẹrẹ yìí, ọjọ́ 5 kí a tó lè gbé búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀, nígbà tí àwọn igi ìtìlẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ digbí. Èkejì gùn: ọjọ́ 21 kí a tó lè yọ àwọn igi náà, kí àyè tó wà fún ẹni tó fẹ́ rẹ́ ògiri nísàlẹ̀. Ẹnjiníà ló ń fọwọ́ sí iye méjèèjì, kì í ṣe onílé, kì í sì í ṣe káfíńtà tó fẹ́ gba pákó rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Lẹ́yìn ìdúró kúkúrú, ògiri òkè gba ọjọ́ 14. Bí ó bá ti dúró, ọ̀nà tún pín. Káfíńtà gun òrùlé fún ọjọ́ 15, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́ ògiri òkè fún ọjọ́ 15 mìíràn. Ní apá kejì, ẹni tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù wá wọn ojú fèrèsé, ìsàlẹ̀ àti òkè lẹ́ẹ̀kan náà, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì lo ọjọ́ 35. Nísàlẹ̀, ní tirẹ̀, ògiri rírẹ́ gba ọjọ́ 20 lẹ́yìn tí igi ìtìlẹ̀ bá ti kúrò. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pàdé níbi tí a ti ń fi fèrèsé sójú rẹ̀, ọjọ́ 5. Lẹ́yìn náà ni táìsì, ọ̀dà, iná àti gbogbo ohun kéékèèké, ọjọ́ 25, ilé sì parí.

Ìṣirò rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà àlọ, a ń béèrè pé, ó yá jù, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yìí lè parí? Dẹ́kìn parí ní ọjọ́ 52. Ògiri òkè bẹ̀rẹ̀ ní 57, ó parí ní 71. Òrùlé parí ní 86, rírẹ́ ògiri òkè ní 101. Fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 71, jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní 106. Nísàlẹ̀, igi ìtìlẹ̀ kúrò ní 73, ògiri sì parí ní 93. Níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé, iye tó tóbi jù ni a ń mú, nítorí ẹni tó kẹ́yìn dé ni gbogbo wọn ń dúró dè. Láàárín 93, 101 àti 106, a mú 106. Fífi fèrèsé sójú rẹ̀ parí ní 111, ilé parí ní ọjọ́ 136.

Bí a bá ro gbogbo iṣẹ́ àti ìdúró inú ilé yìí pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 207 ni. Iṣẹ́ tó pẹ́ jù nínú wọn jẹ́ 35. Ìdáhùn tòótọ́ jìnnà sí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó kàn àwa Yorùbá gan-an. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílẹ̀ wa, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún, tí èyí tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ sì ń jẹ́ ìsán. Ìkà yẹn tọ̀nà láàyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá fi ọkàn ọrún sọ fún yín pé "ní ọjọ́ karùn-ún òní" ni òun yóò parí, ọjọ́ mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹ kọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan lé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí mo kà yìí, láti ríro ilẹ̀ dé ọ̀dà, á fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kún ilé náà láìmọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òdo: ìrọ̀lẹ́ tó kọjá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni òdo, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni 1.

Nígbà àbọ̀, a yí ìbéèrè padà. A dúró sí ọjọ́ 136, a ń rìn padà sẹ́yìn, a ń béèrè pé, bí a kò bá fẹ́ kí ilé pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó pẹ́ jù, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dà àti táìsì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 111, fífi fèrèsé sójú rẹ̀ ní 106. Fèrèsé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 71, ọjọ́ yẹn gan-an náà ló sì lè bẹ̀rẹ̀. Kò ní àyè kankan. Rírẹ́ ògiri òkè lè bẹ̀rẹ̀ ní 91 dípò 86: àyè ọjọ́ 5 wà. Rírẹ́ ògiri ìsàlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní 86 dípò 73: àyè ọjọ́ 13. Àwọn iṣẹ́ tí àyè wọn jẹ́ òdo ni wọ́n wà lójú ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀: ilẹ̀, ìpìlẹ̀, ògiri ìsàlẹ̀, dẹ́kìn, ìdúró ọjọ́ 5, ògiri òkè, fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù, fífi fèrèsé sójú rẹ̀, àti iṣẹ́ ìparí.

Ẹ wo ohun tí àbọ̀ yìí fi hàn. Láti ọjọ́ 71 títí dé 106, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ilé tètè parí kò sí ní sáìtì rárá. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, níbi tí onílé kì í lọ, níbi tí kò sí ariwo kankan tó lè sọ fún un pé nǹkan kò lọ dáadáa. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ariwo òrùlé pọ̀ jù, tí gbogbo ojú sì wà lókè. Mo ti rí i lójú ara mi: ilé tó ti bo òrùlé, tó ti rẹ́ ògiri, tó wá jókòó bí aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò rántí pè ní iṣẹ́. Ẹni tó kọ ètò náà kọ "fífi fèrèsé sójú rẹ̀, ọjọ́ 5". Ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é kò sí nínú ìwé. Ohun tó ń gba ọjọ́, yálà a ń san owó iṣẹ́ lé e lórí tàbí a kò san, ó gbọ́dọ̀ ní òbìrìkìtì tirẹ̀ nínú àwòrán: kọnkéré tó ń le, ìwé àṣẹ tí a ń retí, ẹrù tó ṣì wà lójú ọ̀nà.

Àyè pàápàá ní ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Àyè ọjọ́ 5 tí òrùlé ní, òun náà ni àyè ọjọ́ 5 tí rírẹ́ ògiri òkè ní. Kì í ṣe márùn-ún méjì. Bí káfíńtà bá jẹ gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń rẹ́ ògiri kò ní nǹkan kan mọ́, a sì ti sọ ọ̀nà tirẹ̀ di àìgbọdọ̀falẹ̀ láìsọ fún un. Ní sáìtì, ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí èyí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ló yẹ kó tọ́jú àyè, kó máa fún èèyàn bí òjò tàbí àìsàn bá dé. Kò yẹ kí ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ kó o lọ.

Ó wá kù sí bí a ṣe ń dín ọjọ́ kù, torí èyí gan-an ni Kelley àti Walker ń wá nígbà náà. Owó tí a ná lórí iṣẹ́ tó ní àyè kò dín ọjọ́ kan kù lára ilé. Bí a bá sanwó kí wọ́n yára rẹ́ ògiri ìsàlẹ̀, ohun tí a rà ni pé kí ògiri tètè gbẹ, kí ó sì dúró de fèrèsé pẹ́ sí i. Ojú ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀ ni ká náwó sí, níbi tí ọjọ́ kan ti wọ́n kéré jù.

Nínú ilé wa, ibi tó rọrùn jù kò tilẹ̀ ná wa ní kọ́bọ̀. Kí ló dé tí fèrèsé ń dúró de ògiri òkè? Nítorí oníṣẹ́ fẹ́ fi tẹ́ẹ̀pù wọn ojú fèrèsé tó ti wà. Bí ẹnjiníà bá fi ìwọ̀n sínú àwòrán ilé, tí bíríkìlà sì fi férémù onígi kan náà kọ́ gbogbo ojú fèrèsé, oníṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 52, kó sì parí ní 87. Fèrèsé ti yá pẹ̀lú ọjọ́ 19. Mélòó ni ilé jèrè? Márùn-ún péré. Bí fèrèsé ti kúrò lójú ọ̀nà, òrùlé àti rírẹ́ ògiri òkè bọ́ síbẹ̀: 101 ló tóbi jù báyìí, ilé sì parí ní 131. Ọjọ́ 14 tó kù kò ṣòfò, ó di àyè fún oní-fèrèsé, ṣùgbọ́n kò dín ọjọ́ ìparí kù.

Ká wá sọ pé a fi káfíńtà kún un, òrùlé bọ́ láti 15 sí 9. Ọjọ́ 6 la rà, ọjọ́ 6 la jèrè: 125. Inú wa dùn, a tún fi owó lé e, òrùlé bọ́ sí ọjọ́ 5. Ọjọ́ 4 la rà lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n 2 péré la rí gbà, ilé parí ní 123. Rírẹ́ ògiri ìsàlẹ̀, tó ń parí ní 93, ló wá di okùn tó dè wá mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ̀nà yẹn di gígùn sì ni kọnkéré tó ń le fún ọjọ́ 21. Ibí ni ewu wà. Bí ìṣirò bá ti tì wá dé ọ̀dọ̀ kọnkéré, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí wọ́n yọ igi ìtìlẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Ìwé ìṣirò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tí a lè fi owó rà àti ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i. Bí ìdúró yẹn yóò bá kúrú, nípa kọnkéré tó lágbára jù tàbí èròjà tó ń mú un yára le ni, pẹ̀lú ọwọ́ ẹnjiníà lórí rẹ̀, kì í ṣe nípa ìkánjú.

Mo fi ohun tó ń bí mi nínú jù nípa ìlànà yìí sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Gbogbo ohun tí mo ti ṣírò gbà pé oníṣẹ́ kò lópin. Ìlà inú àwòrán ń sọ pé rírẹ́ ògiri òkè kò dúró de rírẹ́ ògiri ìsàlẹ̀, òótọ́ sì ni, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ilé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ọwọ́ àwọn èèyàn kan náà. Ní ìwé, wọ́n ń rẹ́ ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ 73 sí 93, wọ́n sì ń rẹ́ òkè láti 86 sí 101. Láàárín 86 àti 93, ìwé ń retí ẹgbẹ́ méjì. Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo la bá ní, ọjọ́ 35 ni iṣẹ́ wọn lápapọ̀, wọn kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 73. Ẹ fi ìsàlẹ̀ ṣáájú, ẹ pín in sí méjì, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín, wọn kò lè parí ṣáájú 108. Ilé di ọjọ́ 138.

Ẹ wá fi ìyẹn wé èrè tí a jẹ lára fèrèsé. Pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan, ilé jẹ́ 138 bí fèrèsé bá dé ní 106, ó sì tún jẹ́ 138 bí ó bá dé ní 87. Ọjọ́ 5 tí a rò pé a ti jèrè kò sí rárá. Àyè ọjọ́ 13 tí ìdúró kọnkéré ní kò sí mọ́ pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí igi ìtìlẹ̀ bá pẹ́ sí i ni ẹgbẹ́ náà yóò fi pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì fún ògiri rírẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó sọ̀rọ̀ fèrèsé tàbí òrùlé. Kírítíkà páàtì tí kò ka ọwọ́ oníṣẹ́ kún kì í purọ́ nípa ilé, ṣùgbọ́n ó ń purọ́ nípa àwọn tó ń kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan bí ìlà ṣe wí, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí orúkọ kan bá ti farahàn ní ibi méjì lọ́jọ́ kan náà, mo fa ìlà tuntun.

Ohun kejì tí ìwé kò sọ ni pé ẹyọ iye kan ni a kọ sí iṣẹ́ tó lè gba oríṣiríṣi ọjọ́. Àwọn oní-PERT gbìyànjú àtúnṣe: wọ́n béèrè iye mẹ́ta, bí ohun gbogbo bá dára, bó ṣe sábà ń rí, àti bí ohun gbogbo bá bàjẹ́. Bí oní-fèrèsé bá sọ 30, 35 àti 58, wọ́n á ṣírò rẹ̀ báyìí:

```
(30 + 4 × 35 + 58) ÷ 6 = 38
```

Iye yẹn sàn ju 35 lọ, nítorí ó rántí pé ìdádúró máa ń gùn ju ìyára lọ. Ṣùgbọ́n àlébù kan kò kúrò lára rẹ̀. Ìṣirò náà ń tọ ọ̀nà kan ṣoṣo, nígbà tí fífi fèrèsé sójú rẹ̀ ń dúró de ọ̀nà mẹ́ta. Ká ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn bákan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti dé lásìkò, tí ọ̀kan kò sì kan èkejì, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọn yóò jọ dé. Bí a bá ṣe ń dín ọ̀nà tó gùn jù kù kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni a ń sún mọ́ irú ipò yẹn. Ètò tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ àìgbọdọ̀falẹ̀ dára lójú, àmọ́ òjò ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti tú u.

Bí ẹ bá gba irú ètò yìí lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ wá iṣẹ́ tí àyè rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ní àyè ọjọ́ 60 nínú ilé ọjọ́ 136, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìlà kan ti sọnù lẹ́yìn rẹ̀: kò sẹ́ni tí wọ́n kọ pé ó ń dúró dè é. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù. Wọ́n á kọ wíwà á sílẹ̀, wọn kò ní so ó mọ́ nǹkan kan, ìwé á wá sọ pé a lè wà á lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òkúta tẹ́ àgbàlá.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, a ní láti máa tún ìṣirò ṣe. Ìbéèrè tó wúlò kì í ṣe "ẹ ti ṣe tó mélòó?" Gbogbo oníṣẹ́ ni yóò sọ pé ó kù díẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló kù? Ìyẹn ni ìbéèrè. Ká ní ẹgbẹ́ méjì ló ń rẹ́ ògiri nínú ilé wa, tí a sì wọn fèrèsé ní ọjọ́ 71 bí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 78, ó yẹ kí òrùlé ku ọjọ́ 8. Káfíńtà ní ó ku 10, páànù kan ló fà á. Onílé bínú, ó fẹ́ gun àkàbà. Ó pe oní-fèrèsé lórí fóònù, ẹni tó yẹ kó ku ọjọ́ 28, òun sì ní gíláàsì kò tíì dé, ó ku 33. Fèrèsé yóò jáde ní 111, ilé yóò parí ní 141. Òrùlé tó fi ọjọ́ méjì falẹ̀ yóò parí ní 88, rírẹ́ ògiri òkè ní 103, àyè wọn sì ti fẹ̀ láti 5 dé 8. Onílé fi àkàbà sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù oní-fèrèsé.